Òwe Tí N Kò Kọ́ Àbẹ̀kẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí àpótí kan tí mo ti tì sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi ní Bódìjà níbí, òórùn káńfọ̀ sì là mí nímú. Kóòtù dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tó wúwo bí òkú ewúrẹ́, tí Fọlákẹ́ ọmọ mi rà fún mi lọ́dún tí mo fi gbé lọ́dọ̀ wọn ní Kánádà. Irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn, àfi ẹni tó bá fẹ́ fi òógùn wẹ̀. Mo ti pinnu pé n ó gbé e fún ẹni tó bá bèèrè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe nà án sókè kí n gbọn eruku rẹ̀ nù, òórùn mìíràn tẹ̀lé ti káńfọ̀ jáde, òórùn ìpara tí mo máa ń fi pa ọmọ ọmọ mi lára kí a tó jáde sínú òtútù. Ọmọ náà a máa sá wọ abẹ́ kóòtù yẹn bí òròmọdìẹ. Mo jókòó sí etí ibùsùn. Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ti dúró, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. N kò tètè dìde.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ó ka èyí, ẹ má retí pé ìyá arúgbó kan fẹ́ pa ìtàn dídùn fún yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, orúnkún ń dùn mí, mo sì ní àwọn tí mo fẹ́ bá wí. Àwọn kan ti kú nínú wọn. Ìyẹn ò ní kí n máà bá wọn wí.

Òkè-Àdó ni ilé wa wà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ni yàrá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀. Wọn ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ tí wọn ò ní rí ọ̀nà àbùjá gbà dé ìdí rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọn ò jókòó kọ́ wa lówe lọ́jọ́ kankan. Ìdajì òwe ni wọ́n máa ń jù sílẹ̀, wọn a sì panu mọ́, wọn a máa tú òwú wọn lọ. Ìdajì yòókù di tiwa.

Mo rántí ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan jí ẹran jẹ nínú ìkòkò, tí òun náà ló tún kọ́kọ́ pariwo pé ẹran dín. Ó ń tọ́ka sí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá ṣì ń dán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. Wọ́n kàn sọ pé, "Àìtètè mólè..." Gbogbo wa sì hó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, "Olè ń mólóko!" Ọmọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu àgbọ̀n rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ní láti sọ ohun tí òwe yẹn túmọ̀ sí fún mi. Mo ti rí i, ó lọ́rá lẹ́nu.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ pa òwe níwájú àlejò. Bàbá kan wá kí Ìyá Àgbà, mo sì da òwe sí i lára gbàrà bí ẹni da omi. Ìyá Àgbà ní kí n jáde, kí n lọ dúró ní ìta, kí n padà wọlé wá pa á bí ọmọ ènìyàn. Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Mo tún òwe náà pa. Bàbá náà mi orí, ó ní, "Wà á rí òmíràn pa, ọmọ mi." Ẹ ò lè mọ bí ó ti rí lára mi. Ó dà bíi pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan fún mi, wọ́n sì ní kí n wọlé wá jókòó.

Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn náà. Olùkọ́ kan wà tó máa ń fi pátákó kékeré kọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn, tí ẹni náà yóò sì máa gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Mo gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ǹ bá dárúkọ olùkọ́ náà síhìn-ín, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kàn ń ṣe mí láàánú. Ṣùgbọ́n kí n tó bínú tán, ó yẹ kí n sọ òtítọ́: nígbà tí èmi náà di olùkọ́ ní Ring Road, tí mo di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà, mo gbẹ́ pátákó tèmi. Tèmi tún ní ọ̀dà pupa.

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dárí jì í, èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló gbé òfin náà wọ inú ilé. Olùkọ́ ni òun náà ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tí a kó wọ inú ilé Bódìjà yìí, ó dúró ti tábìlì oúnjẹ, ó ní láti òní lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ó máa bá Fọlákẹ́ sọ, kí ọpọlọ ọmọ má baà dàrú. Fọlákẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà, ó ti ń pe omi ní "mímu". N kò jiyàn. Ìyá Àgbà wá kí wa lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó kú, wọ́n jókòó sórí àga tìmùtìmù, wọ́n ju ìdajì òwe kan sí ọmọ náà. Fọlákẹ́ wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n wúkọ́.  Ìyá Àgbà kàn bèèrè ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sí Òkè-Àdó.

Bẹ́ẹ̀ ni Fọlákẹ́ ṣe dàgbà tó ń gbọ́ Yorùbá bí a ti í gbọ́ rédíò aládùúgbò láti ẹ̀yìn ògiri. Ó mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ Kúnlé, ọmọ Ìbàdàn bíi tiwa, tí òun gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tó ń fi pamọ́ bí ẹni ń fi ojú ọgbẹ́ pamọ́. Wọ́n lọ sí Kánádà. Ọkọ mi kú. Fọlákẹ́ ní kí n wá bá òun mójú tó ọmọ fún ọdún kan. Mo sì lọ.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọbìnrin kékeré kan tó ní iwájú orí Ìyá Àgbà gan-an, orí tó yọ síwájú bí ẹni fẹ́ jà, na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Hi, Grandma." Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìní ni wọ́n ń pè é.  Mo ti rìn jìnnà tó báyìí, mo rí orí Ìyá Àgbà, mo sì gbọ́ ohùn àjèjì lábẹ́ rẹ̀. Nínú mọ́tò, mo búra fún ara mi pé kí ọdún náà tó pé, ọmọ yìí yóò pa òwe fún mi, yóò pa á síbi tó yẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó pa á. Bí n kò bá lè ṣe èyí, a jẹ́ pé èmi ni mo pa èdè náà nínú ìdílé wa, kì í ṣe ọkọ mi, kì í ṣe olùkọ́ onípátákó. Àbẹ̀kẹ́ ni mo sọ ọ́. Òun náà sọ mí ní Màmá Ìbàdàn.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí olùkọ́, mo sì ṣì í ṣe. Mo kọ òwe mẹ́wàá sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè kà wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹrẹsẹ bí ẹni tó ń ka orúkọ ibùdókọ̀. Kò mọ ohun tí òwe kankan wà fún. Mo ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Ó bi mí pé kí ni pẹpẹ, kí ni kèrègbè. Mo ya kèrègbè fún un. Ó ní ó jọ ìgò ọṣẹ ìfọbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo já páálí náà kúrò lára fíríìjì, mo sì gbìyànjú láti rántí ohun tí Ìyá Àgbà ń ṣe gan-an.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ mú. A ò sọ ọ̀rọ̀ kankan, a kàn ń kùn ún, bíi dò, re, mí. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí" di re mí, re mí dò, re mí mí mí. A ń kùn ún bí a ti ń gun àtẹ̀gùn, bí mo ti ń di irun rẹ̀. Nígbà tí ohùn náà ti wọ ọ́ lára ni mo tó kó ọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, mo mú un lọ sí ilé ìtajà ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń kó alákàn láàyè sínú àpótí onígíláàsì. A dúró níbẹ̀ títí ọkùnrin tó ń tà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá. Àbẹ̀kẹ́ rí ojú alákàn bó ti yọ sókè lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó fi ìka méjì sí orí ara rẹ̀, ó ń yí i.  Nígbà tí a fẹ́ sọdá títì ní àbọ̀, tí mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láìwo apá òsì, ó fa kóòtù mi, ó ní, "Ojú lalákàn!" Mo dá ẹsẹ̀ mi padà. Mọ́tò kan kọjá fìrì. Mo ní, "Fi ń ṣọ́rí." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín létí títì, bí ẹni tó mutí.

Láti ìgbà náà, n kò kọ́ ọ lówe mọ́. Mo ń dúró de ohun tí ojúmọ́ bá gbé wá. Bí bọ́tìnnì mi bá yí wọ abẹ́ àga, tí ọwọ́ mi ò wọ ibẹ̀, tí òun sì fẹ́ kí n bá òun gbé bisikíìtì láti òkè kọ́bọ́ọ̀dù, n ó ju ìdajì òwe ọwọ́ ọmọdé sílẹ̀, yóò sì mú ìdajì yòókù wá pẹ̀lú bọ́tìnnì mi. Mo kọ́ ọ pé ọmọdé kì í pa òwe fún àgbà láìtọrọ gáfárà. Mo kọ́ ọ pé àgbà náà gbọ́dọ̀ dáhùn, pé bí àgbà bá dáhùn, òwe náà ti di ti ọmọ nìyẹn, ó lè máa lò ó. Ó fẹ́ràn ìdáhùn yẹn ju súìtì lọ.

Nígbà tí yìnyín bọ́, mo yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi ìdí lélẹ̀ gbì. Mo yí orí padà láti wo ohun tó yọ̀ mí. Àbẹ̀kẹ́ sáré dé. Dípò kó fà mí dìde, ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ pupa rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn yanran.

"Tótó ó ṣe bí òwe o, Màmá Ìbàdàn."

"Àbẹ̀kẹ́, gbé mi dìde, ìbàdí mi!"

"Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn, mo rí yín!"

Ó dúró. Mo mọ ohun tó ń retí. Òtútù ti ń wọ inú egungun mi, ṣùgbọ́n mo dáhùn láti ilẹ̀ níbi tí mo wà, mo ní, "Wà á rí òmíràn pa, ọmọ mi." Ìgbà yẹn ló tó fà mí dìde. N kò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n bí ìyá rẹ̀.

Kúnlé ò fẹ́ràn ohun tí à ń ṣe. Kì í pariwo o, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Yóò kàn rẹ́rìn-ín nídìí tíì rẹ̀, yóò ní, "Mummy, ẹ̀ ń ṣe wàhálà o. Ta ni yóò máa bá a sọ ọ́ níbí? Òwe ò sí nínú ìdánwò wọn." Nígbà mìíràn, bí ọmọ bá fi Yorùbá bi í léèrè nǹkan, a fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn láìgbójú kúrò lára fóònù. Mo rí i bí ẹnu ọmọ náà ṣe máa ń wálẹ̀. Ohùn ọkọ mi ni mò ń gbọ́ lẹ́nu Kúnlé, n kò sì dáhùn, gẹ́gẹ́ bí n kò ti dáhùn nígbà àkọ́kọ́. Àfi lórí fóònù. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Agbowó, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òun ni mò ń tú ikùn mi sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bá a sọ̀rọ̀, Àbẹ̀kẹ́ sì ń yàwòrán lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé ilé ọmọ rẹ tòrò sá?" Mo ti mu ìbínú sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó tòrò. Ilé tó ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni ò tíì dàgbà." Ọ̀rẹ́ mi kígbe, "Áà, ẹnu ẹ!" a sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kúnlé ni mo fi gún. Àbẹ̀kẹ́ ò gbójú sókè kúrò nínú àwòrán rẹ̀. N kò kọ́ ọ ní òwe yẹn. N kò ju ìdajì rẹ̀ sí i rí. Ó kàn gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ń gbọ́ ti Ìyá Àgbà, ó gbọ́ ẹ̀rín tó tẹ̀lé e, ó sì rò pé ohun tó dùn ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n padà sílé. Ó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé obìnrin ti wọkọ̀ wá láti ìlú mìíràn, àwọn tọkọtaya Yorùbá méjì kan sì bá wa jẹun. Ìrẹsì ni a jẹ. Yàrá gbóná, kóòtù kún orí bẹ́ẹ̀dì mi, gbogbo ènìyàn sì ń sọ Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé. Mo rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ló ni èdè yìí láyé. Ó ti pé ọmọ ọdún méje.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà na ẹsẹ̀, ó ní, "Kúnlé, ilé ẹ tura o. Mi ò gbọ́ ariwo kankan níbí rí."

Kúnlé gbé àyà sókè. "Ilé wa tòrò, a dúpẹ́."

Àbẹ̀kẹ́ dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó lọ sí àárín kápẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó fa etí aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀.  Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnì kan ti ń wá fóònù rẹ̀ láti fi ya fídíò.

"Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà," ló wí. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé pàtẹ́wọ́, ó ní, "Héè! Ọmọ yìí!" Ohùn Àbẹ̀kẹ́ ò yẹ̀ rárá. "Ilé tó ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni ò tíì dàgbà."

Ó pa á dáadáa. Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì mí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbọ́, tòrò, ó sì mú òwe rẹ̀ wá láti inú ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó pa á. Ohun tí mo búra fún nínú mọ́tò nìyẹn. Ó gbójú sókè, ó ń dúró de ìdáhùn.

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ọkùnrin tó yin ilé ń wo àwo ìrẹsì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń ka nǹkan lórí ìka. "Ọmọ àlè? Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yìí." Ó yíjú sí Fọlákẹ́, ó sì wá yíjú sí mi. "Ìyá wa, ta lẹ ní kí ọmọ máa pè ní ọmọ àlè? Ṣé ohun tẹ́ ẹ mọ̀ tá ò mọ̀ wà ni?"

"Òwe ni," mo wí. "Ọmọdé ni. Kò mọ̀ ọ́n."

"Ọmọdé ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ́ ọ ńkọ́?"

Ǹ bá ní n kò kọ́ ọ. Kí ni ǹ bá wá sọ lẹ́yìn ìyẹn? Pé mo sọ ọ́ nípa àbúrò rẹ̀ ni, lórí fóònù tí àbúrò rẹ̀ ń san owó rẹ̀? Mo ti kọ́ ọmọ náà ní gáfárà, mo kọ́ ọ ní ohùn, mo kọ́ ọ ní ìdajì àti ìdajì. Ohun tó ṣẹ́ kù ni mo ń fi falẹ̀, pé a máa ń wo ojú àwọn tó jókòó kí a tó la ẹnu, pé òwe mìíràn wà tí kì í jáde níwájú àna. Mo rò pé ó ṣì kéré. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà lórí eékún rẹ̀. Ó wò mí. "Màmá Ìbàdàn, ṣé mo ṣì í pa ni?"

Kí n tó dáhùn, Kúnlé ti gbé e dìde ní apá, ó mú un lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́ lọ.

Ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò lọ tán. Fọlákẹ́ bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti gbọ́ pé wọ́n bú òun níwájú ẹbí ọkọ òun, kò sì mọ ohun tí wọ́n fi bú òun. "Mummy," ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì, "kí ni ó sọ gan-an?" Èmi tí mo gbẹ́ pátákó, èmi tí mo dákẹ́ nídìí tábìlì, mo wá dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ, mo ń túmọ̀ òwe náà fún ọmọ bíbí inú mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀. Èébú lásán ló kù. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé àwo kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì jáde.

Wọn ò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé, wọ́n yí ọjọ́ ìrìnàjò mi padà. Kúnlé ló gbé mi lọ sí pápákọ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní, "Mummy, ẹ máa pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ ṣáà máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́ mà." Mo ní mo gbọ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá kọ̀, mi ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá.

Ọdún mẹ́ta rèé. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, Àbẹ̀kẹ́ a máa ju ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sí mi bí bàbá rẹ̀ bá kúrò nítòsí, wẹ́rẹ́, bí ẹni jí ẹran nínú ìkòkò, èmi náà a sì gbé e mì. Lẹ́yìn náà, ó dínkù. N kò lè sọ ọjọ́ tó tán. Ohun tó ń tán díẹ̀díẹ̀ kì í fi ọjọ́ sílẹ̀. Mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè nípa ilé ẹ̀kọ́, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ti dára ju tèmi lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ó ní olùkọ́ àwọn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan wá láti ìlú àwọn òbí rẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbà, nítorí pé ti ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó bi mí pé ǹjẹ́ mo mọ ọ̀kan. Mo wo ojú rẹ̀ nínú fóònù bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rántí pé òun mọ òwe rí. Mo ní kó sọ "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí." Ó ní kí n jọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, kí òun lè dà á kọ. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ó kà á sí mi létí, pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn aládùúgbò mi ní Bódìjà ń bá àwọn ọmọ wọn wí ní Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀. Mò ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. N kò lọ bá wọn. Ẹnu wo ni n ó fi bá wọn wí? Ohun tí Ìyá Àgbà jù sílẹ̀ ní Òkè-Àdó ṣì wà lẹ́nu mi, odindi, kò sí èyí tó dín níbẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ jáde nígbà mìíràn bí mo bá ń ṣa ìrẹsì. N kì í dúró ní ìdajì mọ́, mo máa ń parí rẹ̀ fúnra mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Fọlákẹ́ fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti lẹ òwe náà mọ́ ògiri kíláàsì, láàárín òwe àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn, lórí páálí aláwọ̀ ewé tí kò ní àmì ohùn kankan. Alákàn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ yà. Ojú rẹ̀ wà ní pẹlẹbẹ lórí ara, bíi ti ènìyàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, ó sì gún régé. Fọlákẹ́ ní ọmọ náà ń retí kí n sọ nǹkan kan. Mo wọ awò ojú mi. Mo kọ "Well done, my darling" ránṣẹ́ sí i, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ̀ ẹ́, láti rí i pé kọ́mà rẹ̀ wà níbi tó yẹ.